Bí a ṣe ń rí àdírẹ́sì ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ lìmítẹ́ẹ̀dì nínú ìwé Companies House

Ìyá Ìdáná (Peckham)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo san £1,800 sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù tí ó fẹ́ bá mi ṣe kábínẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi ti kọjá tipẹ́, wọn kò gbé fóònù mọ́, ìgbàkígbà tí mo bá sì gba ibi ṣọ́ọ̀bù wọn kọjá, àgádágodo ni mo ń bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n tó pe ẹjọ́, kí n kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí wọn ní àdírẹ́sì tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Wàhálà mi ni pé orúkọ tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ wọn àti sókè rìsíìtì nìkan ni mo mọ̀. Nígbà tí mo tẹ orúkọ náà sí ojú ìwé Companies House, ilé iṣẹ́ mẹ́rin ni ó jáde tí orúkọ wọn fara jọ ọ́, kò sì sí èyí tí ó bá a mu gẹ́lẹ́. Ọ̀kan wà ní Birmingham, ọ̀kan ti kógbá sílé, àwọn méjì tó kù wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí í ṣe tèmi nínú wọn?

Baba Lewisham

Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́, owó yín kò ní gbé. Ẹ wo rìsíìtì yín dáadáa, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GB. Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ibi ìwádìí, àdírẹ́sì wọn yóò jáde. Ibi tí àdírẹ́sì yẹn bá sì wà ni ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kàkà kí ẹ máa kọ lẹ́tà, ẹ mú ẹnìkan dání, kí ẹ lọ bá wọn níbẹ̀ lójúkojú.

Akọ̀wé

Ìyá Ìdáná, ẹ kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ akáńtàǹtì ni mo ń ṣe, iṣẹ́ fífi fọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Companies House sì wà lára ohun tí mo ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọ́ ohun tí Baba Lewisham sọ, nítorí pé ó súnmọ́ òótọ́ ṣùgbọ́n ó lè ṣì yín lọ́nà.

Nọ́ńbà tí GB ṣíwájú rẹ̀ ni ti owó orí ọjà, èyí tí a ń pè ní VAT, kì í ṣe nọ́ńbà ilé iṣẹ́. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sínú Companies House, kò ní mú ohunkóhun jáde. Síbẹ̀, kì í ṣe aláìwúlò. Àwọn agbowó orí ní ojú ìwé kan lórí gov.uk tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "Check a UK VAT number". Tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀, yóò fi orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó ni í hàn yín. Orúkọ yẹn ni kí ẹ mú, ẹ má ṣe mú àdírẹ́sì rẹ̀, torí ó lè jẹ́ ibi ìtajà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Orúkọ yẹn ni ẹ ó wá gbé lọ sí Companies House.

Ìdí tí orúkọ ara ọkọ̀ kò fi bá èyíkéyìí mu ni pé orúkọ ìtajà ni. Òfin gba ilé iṣẹ́ láyè láti máa fi orúkọ kan tajà, kí ó sì fi òmíràn forúkọ sílẹ̀. Companies House kì í kọ orúkọ ìtajà sínú ìwé rẹ̀ rárá. Òfin kan náà ló sì fi dandan lé e pé kí ilé iṣẹ́ kọ orúkọ tí ó fi forúkọ sílẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, apá ilẹ̀ Bìrìtìkó tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àti àdírẹ́sì ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ sórí lẹ́tà, sórí ìwé tí wọ́n fi ń gba iṣẹ́, àti sórí ìkànnì ayélujára rẹ̀. Lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú kì í dé. Ẹ wo ìsàlẹ̀ gbogbo ìwé tí wọ́n fún yín, títí kan ímeèlì tí wọ́n fi sọ iye owó iṣẹ́ náà. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ ìkànnì wọn, pàápàá ojú ìwé tí wọ́n kọ àdéhùn tàbí ọ̀rọ̀ nípa àṣírí oníbàárà sí. Nọ́ńbà tí ẹ ń wá jẹ́ òǹkà mẹ́jọ. Tí ẹ bá rí méje, òdo tó ṣíwájú ni wọ́n gbàgbé, kí ẹ fi 0 sí iwájú rẹ̀. Tí lẹ́tà SC bá ṣíwájú, Scotland ni ilé iṣẹ́ náà ti forúkọ sílẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àdírẹ́sì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà.

Tí ẹ kò bá rí ohunkóhun, ẹ kọ ímeèlì sí wọn pé kí wọ́n fún yín ní àdírẹ́sì ìforúkọsílẹ̀ wọn. Ẹ̀tọ́ yín ni, nítorí pé ẹ ti bá wọn ṣòwò. Ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni òfin fún wọn láti dáhùn. Bóyá wọn yóò dáhùn ni ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Kí ló dé tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe wàhálà báyìí? Ẹ lọ sí ojú ìwé ìwádìí CAC, ẹ tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ náà tàbí nọ́ńbà RC rẹ̀, àdírẹ́sì yóò jáde, ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí ti ilé iṣẹ́ kan tí ó jẹ mí lówó ní Abẹ́òkúta. Ohun tí kò yé mi ni pé wọ́n kọ INACTIVE sí iwájú orúkọ wọn, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé wọ́n ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ṣé ilé iṣẹ́ náà ti kú ni?

Akọ̀wé

Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ni Ìyá ń wá, CAC kò sì ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ní ti ìbéèrè yín, INACTIVE lọ́dọ̀ CAC kò túmọ̀ sí pé ilé iṣẹ́ kan ti kú. Ohun tí ó sábà ń fà á ni pé wọn kò fi ìwé ọdọọdún wọn sílẹ̀. Ẹ ṣí àkọlé mìíràn fún un, kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ tiwa, màá wá bá yín níbẹ̀.

Ìyá Ìdáná (Peckham)

Akọ̀wé, Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san. Mo wá a lára rìsíìtì, n kò rí nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ ímeèlì tí wọ́n fi sọ iye owó fún mi ni mo ti bá a, lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé mo ní láti fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Òǹkà méje ni, mo fi òdo síwájú bí ẹ ṣe wí, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì jáde. Ẹ wá wò ó o, orúkọ rẹ̀ kò fara jọ ti ara ọkọ̀ rárá! Kò sí nínú àwọn mẹ́rin tí mo kọ́kọ́ rí. Ọ̀kan nínú àwọn Lọ́ńdọ̀nù méjèèjì yẹn ni ǹ bá ti kọ lẹ́tà sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tún wà níbẹ̀. Àdírẹ́sì tí ó wà nísàlẹ̀ ímeèlì wọn wà ní Croydon. Èyí tí Companies House kọ wà ní Leicester, mi ò sì mọ ohun tó gbé wọn dé Leicester. Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ "People" sí, àdírẹ́sì kẹta tún wà níwájú orúkọ olùdarí wọn, ó wà ní Bromley. Àdírẹ́sì mẹ́ta fún ilé iṣẹ́ kan. Èwo ni kí n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí?

Baba Lewisham

Ti Bromley ni. Ilé olùdarí nìyẹn. Òun ló gba owó, òun ni kí ẹ lọ bá.

Akọ̀wé

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ojú ìwé náà, torí ìdáhùn wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní nọ́ńbà ilé iṣẹ́ lè ṣí ojú ìwé rẹ̀ tààrà báyìí, kí ó fi nọ́ńbà tirẹ̀ rọ́pò àwọn òdo tó wà níparí:

```
https://find-and-update.company-information.service.gov.uk/company/00000000
```

Nígbà tí ẹ bá ṣí i, "Overview" ni yóò kọ́kọ́ hàn. Àdírẹ́sì tí ó wà lábẹ́ "Registered office address" níbẹ̀ ni àdírẹ́sì ìforúkọsílẹ̀, kò sí òmíràn. Ìwé tí a bá fi síbẹ̀ tàbí tí a fi póòsì ránṣẹ́ síbẹ̀, òfin kà á sí pé ilé iṣẹ́ náà ti rí i gbà, ì báà jẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni tí ó ń jókòó níbẹ̀. Àdírẹ́sì tí ẹ rí lábẹ́ "People" ni olùdarí ń lò fún lẹ́tà tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdarí. Ó lè jẹ́ ilé rẹ̀, ó sì lè má jẹ́ ilé rẹ̀, torí pé Companies House kì í fi àdírẹ́sì ilé olùdarí han gbogbo ayé àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn án láti lò. Ẹ má gbàgbé pé ilé iṣẹ́ ló jẹ yín ní gbèsè, kì í ṣe olùdarí. Orúkọ ilé iṣẹ́, bí ó ṣe wà lórí ojú ìwé náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú "LTD" tàbí "LIMITED" tó parí rẹ̀, ni kí ẹ kọ sórí lẹ́tà.

Ó ku ti Croydon àti Leicester. Ẹ tẹ "Filing history". Gbogbo ìwé tí ilé iṣẹ́ náà ti fi ránṣẹ́ wà níbẹ̀, èyí tó dé kẹ́yìn ló wà lókè. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ AD01 sí níwájú, torí fọ́ọ̀mù yẹn ni ilé iṣẹ́ fi ń pààrọ̀ àdírẹ́sì. Yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Registered office address changed from", yóò wá kọ àdírẹ́sì àtijọ́, tuntun, àti ọjọ́ náà. Ẹ bá mi ka ọjọ́ tí ó wà níbẹ̀.

Ìyá Ìdáná (Peckham)

Mo rí i. 3 March 2025 ni wọ́n kọ, láti Croydon sí Leicester. Òní sì ni ọjọ́ kẹwàá oṣù kan náà. Èmi ń pè wọ́n lórí fóònù láì rí ìdáhùn, àwọn ń pààrọ̀ àdírẹ́sì. Ohun mìíràn tí mo rí lójú "Overview" ni pé wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé "Confirmation statement overdue". Kí ni ìyẹn?

Akọ̀wé

Ọjọ́ yẹn wúlò fún yín gidigidi. Àdírẹ́sì tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ tí Companies House bá kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n òfin fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, ọjọ́ ìkọsílẹ̀ náà sì wà lára rẹ̀, tí ó ṣì lè fi lo àdírẹ́sì àtijọ́. Tí a bá kà á láti ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrìndínlógún ni yóò parí. Ìyẹn ni pé lẹ́tà tí ó bá dé Croydon títí di ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta yìí dé ibi tó yẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, Leicester nìkan ni. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má gbára lé ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn. Ẹ fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí Leicester lónìí, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sí Croydon.

Ẹ lo póòsì kíláàsì kìíní, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ìfìwéránṣẹ́ ní káńtà, ọ̀fẹ́ ni. Mi ò fẹ́ràn èyí tí wọ́n máa ń ní kí ẹni tí ó gbà á buwọ́ lù, nítorí pé ẹni tí ó mọ̀ pé òun jẹ gbèsè lè kọ̀ láti buwọ́ lù ú, lẹ́tà á sì padà sọ́dọ̀ yín. Kí ẹ tó ti ojú ìwé náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ọjọ́ òní hàn lára rẹ̀, torí pé àdírẹ́sì lè tún yí padà kí ẹ tó dé kóòtù.

Confirmation statement ni ìwé tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti fi jẹ́rìí pé ohun tí ó wà nínú ìwé ìjọba nípa àwọn ṣì tọ̀nà. Tiwọn ti pẹ́. Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n ẹ máa yọjú sí ojú ìwé yẹn lóòrèkóòrè. Ibì kan wà níbẹ̀ tí ẹ lè tẹ̀, "Follow this company", tí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Wọn yóò máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí yín nígbàkígbà tí ìwé tuntun bá wọlé.

Onílé Manchester

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Èmi ni ẹni tí ó wà ní ìhà kejì irú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé mi ni àwọn kan tí n kò mọ̀ rí lò gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ wọn. Lẹ́tà agbowó orí ń wọlé, lẹ́tà báǹkì ń wọlé, ẹnìkan tún wá kan ilẹ̀kùn mi pé kí n san owó òun. Ẹni tí ó bá wá sí ibi tí Companies House kọ láti gba owó lójúkojú, gẹ́gẹ́ bí Baba Lewisham ṣe dábàá, ọ̀dọ̀ irú èmi ni yóò dé. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Cardiff

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀yin Onílé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi kan, mo sì bá a yanjú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí a lò ni RP07, wọn kì í gba owó lé e lórí. Ẹ ó kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà àti nọ́ńbà rẹ̀, ẹ ó sì fi ẹ̀rí hàn pé ẹ̀yin ló ń gbé ibẹ̀ àti pé ẹ kò fún wọn láyè. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ lọ sí "Advanced company search", kí ẹ tẹ póòsìkóòdù yín síbi tí wọ́n ti ń wá ilé iṣẹ́ pẹ̀lú àdírẹ́sì. Ọ̀rẹ́ mi rò pé ilé iṣẹ́ kan ló wà, ṣùgbọ́n a rí ju ọ̀kan lọ.

Tí wọ́n bá gba ọ̀rọ̀ yín, wọn yóò yọ àdírẹ́sì yín kúrò, wọn yóò sì gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí àdírẹ́sì àfidípò tiwọn, PO Box 4385, Cardiff, CF14 8LH. Mo fẹ́ kí Ìyá Ìdáná náà gbọ́ èyí. Ẹni tó bá rí PO Box yẹn lójú ìwé ilé iṣẹ́ tó jẹ ẹ́ lówó, kó mọ̀ pé kò sí ilé iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n máa ń fún irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti mú àdírẹ́sì tòótọ́ wá pẹ̀lú ẹ̀rí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Láti 4 March 2024 ni òfin ti le sí i báyìí. Ilé iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi àpótí ìfìwéránṣẹ́ lásán ṣe àdírẹ́sì mọ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí lẹ́tà yóò ti dé ọwọ́ ẹni tí ó ń ṣojú ilé iṣẹ́ náà, tí a sì lè gba ìwé ẹ̀rí pé ó dé.

Baba Lewisham

Mo gba àtúnṣe lórí ọ̀rọ̀ lílọ bá wọn nílé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan. Mo wá àdírẹ́sì Leicester irú èyí tí Ìyá sọ fún ilé iṣẹ́ mìíràn rí, mo sì rí i pé ọ́fíìsì akáńtàǹtì ni, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé iṣẹ́ jọ ń lò. Lẹ́tà mi wọ ibẹ̀, kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ṣé òfin ṣì kà á sí pé wọ́n rí i gbà?

Akọ̀wé

Bẹ́ẹ̀ ni, ó kà á sí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà tèmi náà ń lo àdírẹ́sì ọ́fíìsì wa, kò sì burú. Iṣẹ́ akáńtàǹtì ni láti fi lẹ́tà náà jíṣẹ́. Tí kò bá ṣe é, àárín òun àti oníbàárà rẹ̀ nìyẹn, kò kan ẹni tí ó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ibi tí ìṣòro ti máa ń wà ni ìgbà tí akáńtàǹtì bá ti bá oníbàárà náà pín gaarí, tí ó sì dá lẹ́tà padà pé ẹni náà kò sí lọ́dọ̀ òun mọ́. Ẹ má ju àpò lẹ́tà tí wọ́n bá dá padà nù, ẹ pa á mọ́ bí wọ́n ṣe dá a padà gan-an.

Ẹ̀gbọ́n Cardiff

Nítorí irú èyí ni mo ṣe ń sọ pé kí Ìyá fi ẹ̀dà kẹta sí àdírẹ́sì olùdarí ní Bromley. Kò ní orúkọ olùdarí nínú ẹjọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yóò rí lẹ́tà náà, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń sanwó nígbà tí lẹ́tà bá dé ìdí ilé.

Akọ̀wé

Èmi kò fara mọ́ ọn, Ẹ̀gbọ́n. Tí Bromley bá jẹ́ ilé rẹ̀, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ló máa ṣí lẹ́tà gbèsè ilé iṣẹ́, òun náà á sì sọ pé wọ́n ń dààmú ẹbí òun. Lẹ́tà sí àdírẹ́sì ìforúkọsílẹ̀ tó fún ohun tí Ìyá fẹ́ ṣe.

Ẹ̀gbọ́n Cardiff

Òun fúnra rẹ̀ ló fi àdírẹ́sì náà sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i níbẹ̀. Tí ó bá fẹ́ ìpamọ́, ìbá ti lo òmíràn. Mi ò rí ohun tó burú nínú lẹ́tà kan tí a kọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìyá ni yóò yan èyí tó bá wù wọ́n.

Ìyá Ìdáná (Peckham)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Leicester àti Croydon ní ọjọ́ tí Akọ̀wé wí gan-an, n kò fi sí Bromley. Ti Croydon padà wá, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé wọ́n ti kó lọ. Ti Leicester kò padà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èsì. Mo ti tẹ "Follow this company" náà, ìdí sì nìyẹn tí mo fi padà wá síbí lónìí. Ímeèlì wọlé láàárọ̀ yìí. Ipò ilé iṣẹ́ náà tí ó jẹ́ "Active" tẹ́lẹ̀ ti di "Active proposal to strike off", ìwé tuntun kan sì wà lókè pátápátá nínú "Filing history" tí wọ́n kọ "First Gazette notice for compulsory strike-off" sí. Ṣé owó mi ti lọ nìyẹn?

Akọ̀wé

Kò tíì lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi falẹ̀. Ohun tí ìwé yẹn ń sọ ni pé Companies House fúnra rẹ̀ ló fẹ́ pa orúkọ ilé iṣẹ́ náà rẹ́, nítorí àwọn ìwé tí wọn kò fi ránṣẹ́. Ó kéré tán, oṣù méjì gbọ́dọ̀ kọjá láti ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìkéde náà sínú Gazette kí wọ́n tó lè pa á rẹ́. Tí wọ́n bá pa á rẹ́ tán, kò ní sí ẹni tí ẹ ó pè lẹ́jọ́ mọ́, ohun ìní tó bá kù fún ilé iṣẹ́ náà á di ti Ọba, àfi kí kóòtù tún dá orúkọ náà padà sínú ìwé. Ìyẹn ṣeé ṣe láàárín ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n owó ni yóò ná yín.

Nítorí náà, ẹ kọ̀wé àtakò sí Companies House ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ó ṣeé ṣe lórí gov.uk láìsanwó. Ẹ kọ ọ́ pé ilé iṣẹ́ náà jẹ yín ní £1,800, kí ẹ so ẹ̀dà rìsíìtì mọ́ ọn, ímeèlì tí nọ́ńbà wọn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà ìkìlọ̀ yín, àti ìwé ẹ̀rí ìfìwéránṣẹ́. Tí wọ́n bá gbà á, ẹ ó rí i nínú "Filing history" pé "Compulsory strike-off action has been suspended". Ìdádúró ni, kì í ṣe títí ayé, nítorí náà kí ẹ gbé ẹjọ́ yín lọ sí kóòtù nígbà tí ọ̀nà ṣì ṣí sílẹ̀. Àdírẹ́sì Leicester ni kí ẹ kọ sí fọ́ọ̀mù kóòtù. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ tún ṣí ojú ìwé náà wò kí ẹ lè rí i pé kò tíì yí padà.

Onílé Manchester

Èmi náà ti fi RP07 ránṣẹ́. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni mo rí tí ó ń lo póòsìkóòdù àti nọ́ńbà ilé mi. Mi ò mọ̀ bóyá mo gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ̀gbọ́n Cardiff

Ti ọ̀rẹ́ mi, ìkọ̀ọ̀kan ni a kọ ọ́ fún, pẹ̀lú ẹ̀rí kan náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá fi kìkì ọ̀kan ránṣẹ́. Ẹ sì kọ ọ́ sára àwọn lẹ́tà wọn tí ó bá tún wọlé pé ẹni náà kò sí ní àdírẹ́sì yìí, kí ẹ sì dá wọn padà láìṣí wọn.